Ojú Gbígbóná àti Orí Fífọ́ Nídìí Ọtí: Ta Ni Ká Dì Mú?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ níwájú àwọn ọlọ́tí àti àwọn alásè òde àríyá ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti dín àwàdà inú rẹ̀ kù, mo sì ti fi àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ibi tó yẹ wọ́n.

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gbé kúlà sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sóde àríyá láti Òrò dé Òmù-Àrán. Apòògùn ni mí, n kì í ṣe oníwàásù. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ọtí, mo kí i; ìdajì ọ̀rọ̀ òní kò kàn án. Ṣùgbọ́n kó má tíì dìde, torí pé ẹja ni ìdajì yòókù dá lé.

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu oníbàárà. Ẹnìkan á ní, “Màámi, bíà yín yìí kò bá mi lára mu mọ́.” Ẹlòmíràn á ní wáìnì pupa ni òun kò lè fẹnu kàn, pé ife kan péré, orí òun á ti máa lu kìkì. Ẹ̀kẹta á ní kò sí wàhálà nínú jíìnì funfun, bíráńdì ló ń pa òun. Ohun tí wọ́n sì máa ń fi kádìí rẹ̀ ni pé ayédèrú lẹ tà fún wọn. Ayédèrú wà lóòótọ́, n óò sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń wá bá mi nídìí káńtà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹjọ́ wọn jẹ́ ti ayédèrú. Èyí tó pọ̀ jù, ọtí náà pé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ara wọn kò gbà, tàbí kó jẹ́ pé kì í ṣe ọtí rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹjọ́ sùn mí, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìgò ṣì wà lórí tábìlì ni, àbí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì? Àwọn oníṣègùn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí náà pín in sí ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta tí ènìyàn mutí, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó bá di wákàtí márùn-ún sí méjìlá kó tó dé, ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tó ń fa ti àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń fa ti ẹ̀yìn. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ẹni tí kò mọ̀dí la ó máa dì mú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti kíákíá, ìyẹn ti ojú gbígbóná. Lára òyìnbó tàbí ará Ṣáínà, ẹ ó rí i pé ojú pọ́n wẹ̀ẹ̀. Awọ tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ fi pípọ́n hàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi rò pé kì í ṣe àwa. Tiwa a máa fara hàn bí ooru tó ń gun ojú àti ọrùn bọ̀, etí á gbóná, òógùn á bo iwájú orí, àyà á máa lù kì-kì-kì, nígbà mìíràn imú á dí. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀ dáadáa, ó lè ti pọ́n.

Nígbà tí ọtí bá dénú, ẹ̀dọ̀ máa ń tú u ní ìpele méjì. Ìpele kìíní ń sọ ọ́ di ohun kan tí a ń pè ní asẹtalidíháìdì, májèlé ni. Ìpele kejì ń sọ májèlé yẹn di nǹkan tí kò léwu, tó fara pẹ́ ohun tó wà nínú ọtí kíkan, tí ara á sì lò. Ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe iṣẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé: bí ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì bá yá ju bíríkìlà lọ, sìmẹ́ǹtì á kún ilẹ̀. Asẹtalidíháìdì tó kún ilẹ̀ yìí ló ń ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú sílẹ̀, tí àyà fi ń lù, tí èébì fi ń gbé ènìyàn. Nínú àwọn ará Ṣáínà, Japáànù àti Kòríà, bí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló jogún ẹ́ńsáìmù kejì tó lẹ. Ife bíà kan tó láti sọ ojú wọn di pupa. Wọn kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ìyẹn, torí pé ẹni tó ní irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ tó sì tẹra mọ́ ọtí wà nínú ewu jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ju ẹlòmíràn lọ.

Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àjogúnbá yẹn. Nítorí náà, bí ọmọ Ìgbómìnà kan bá ń bá mi sọ̀rọ̀ ojú gbígbóná, n kì í kọ́kọ́ ronú ìran rẹ̀, àpò rẹ̀ ni mo máa ń ronú: oògùn wo ló wà níbẹ̀? Àwọn oògùn kan wà tó ń dí ẹ́ńsáìmù kejì lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni dísọ́fíràámù, tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí kí ọtí lè korò sí i lára. Èyí tó wà káàkiri lọ́dọ̀ wa ni mẹtironídásóòlù, Fílájìlì tí gbogbo wa ń lò bí inú bá ń run wá. Àwọn onímọ̀ kan ti ń jiyàn pé bóyá ọwọ́ rẹ̀ kò ní nínú ọ̀rọ̀ ọtí tó bí a ti ń wí, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ṣì wà nínú páálí rẹ̀, èmi náà sì ń fara mọ́ ọn: kí ènìyàn má mutí nígbà tó ń lò ó, kó sì tún fi ọjọ́ mẹ́ta sí i lẹ́yìn tó bá parí. Kì í ṣe bíà nìkan o. Omi ọtí ló wà nínú agbo onígò àti páràgà, tí wọ́n bá tiẹ̀ kọ “fún jẹ̀díjẹ̀dí” sí i lára.

Ó wá ku ẹnìkejì nínú àwọn tó ń fa ti kíákíá, òun ni mo fẹ́ ká jókòó tì dáadáa. Hísítámìnì ni orúkọ rẹ̀.

Ara wa fúnra rẹ̀ ní hísítámìnì. Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé bí kòkòrò bá ta ni lára, ibẹ̀ á wú, á sì máa yún ni. Èyí tí à ń sọ báyìí ni èyí tó ń ti ìta wọlé nínú oúnjẹ àti ohun mímu. Bakitéríà kan ló ń ṣe é: wọ́n á gba èròjà kan nínú ẹran ara tàbí nínú èso, èyí tí ń jẹ́ hísítídìnì, wọ́n á gé e kù, á sì di hísítámìnì. Ìwúkàrà nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bíà ilé iṣẹ́, tí wọ́n ti se omi rẹ̀ kí wọ́n tó fi ìwúkàrà sí i, kì í sábà ní in tó mílígíráàmù kan nínú lítà. Wáìnì pupa yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ìwúkàrà bá ti ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn bakitéríà kan bá a ṣiṣẹ́ kí kíkan rẹ̀ lè rọ̀, ibẹ̀ ni hísítámìnì ti ń wọ inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ mílígíráàmù kan nínú lítà, ó lè tó mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ti wáìnì funfun sábà máa ń kéré.

Ọtí tí a bá sè tí a gba oru rẹ̀, bí ògógóró, jíìnì, wisikí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní hísítámìnì rárá, torí pé hísítámìnì kì í bá oru jáde. Inú ìkòkò ló ń kù sí.

Nínú ìfun wa, ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀ bí oníbodè, tó ń pa hísítámìnì kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan wà tí tiwọn kéré. Ọtí fúnra rẹ̀ sì tún máa ń fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń lo aisoníásíìdì fún ikọ́ ìfe náà wà nínú èyí, torí oògùn yẹn ń dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́. Àti pé òun pẹ̀lú ọtí kò tilẹ̀ dára fún ẹ̀dọ̀ látilẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta ohun mímu ní Ọ̀ffà wá béèrè pé, “Ṣé hísítámìnì ló ń fọ́ orí àwọn tó ń mu wáìnì pupa nìyẹn?” Mo dá a lóhùn pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, àgàgà ẹni tí imú rẹ̀ ń dí, tí ara ń yún, tàbí tí ikọ́ fée rẹ̀ ń gbéra. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wáìnì pupa tó ń fọ́ni lórí ni hísítámìnì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà àwọn onímọ̀ kò gbà pé òun nìkan ni. Ní ọdún 2023, àwọn kan ní Kalifóníà gbé àbá mìíràn jáde: pé ohun kan wà nínú èèpo èso àjàrà pupa tí ń jẹ́ kuẹsẹ́tìnì, tí ẹ̀dọ̀ bá ti yí i padà tán, á máa dí ẹ́ńsáìmù kejì yẹn lọ́wọ́, èyí tó ń kó asẹtalidíháìdì kúrò. Èso tí oòrùn bá ń pa dáadáa ló ń ní in jù. Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe lára ènìyàn, ẹ má tíì máa fi polówó.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló kàn.

Télọ̀ kan máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní bíà ti ń bá òun jà. Bí òun bá ti mu ìgò kan débi ìdajì, ojú òun á gbóná bí ẹni tó yá iná, orí á máa lu òun níwájú níhìn-ín, àyà á máa sáré, inú á tún ṣí díẹ̀. Tó bá di ọ̀gànjọ́, ó ti lọ. Ó ti fi irú bíà kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, ó tún ti fi ìyẹn sílẹ̀. Ó wá gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló dé. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ga. Mo béèrè oògùn tó ń lò, kò sí. Mo ní, “Ṣé gbogbo ìgbà tí ẹ bá mu ún ni?” Ó ronú díẹ̀, ó ní rárá, bí òun bá mu ún nílé kò sí nǹkan kan, ibi kan pàtó tí àwọn ti máa ń jókòó nírọ̀lẹ́ ni. “Kí lẹ fi ń panu níbẹ̀?” Ó ní títùs díndín. Mo tún béèrè bóyá ó ti ṣe ẹlòmíràn nídìí tábìlì yẹn rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan náà ti ní ojú ń gbóná òun, àwọn sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọtí ti ń pa á. Ọ̀rẹ́ náà kì í mutí: mọ́ọ̀tì ló wà níwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú síta. Bí ó bá jẹ́ ara ẹnìkan ni kò gba nǹkan, òun nìkan ló yẹ kó ṣe. Bí àwọn méjì tó jọ jẹ nínú àwo kan bá jọ ń gbóná lójú, tí ọ̀kan kò sì mutí, àwo yẹn la ó dì mú.

Títùs, kòtè àti àwọn ẹja irú wọn ní hísítídìnì púpọ̀ nínú ẹran wọn, àgàgà ibi tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Bí wọ́n bá wà nínú yìnyín, bakitéríà kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tí fíríìsà yọ́, tí ẹja náà jókòó nínú ooru fún wákàtí bíi mélòó kan, bakitéríà á fi hísítídìnì yẹn ṣe hísítámìnì. Iná á dé, ẹja á tún dì, ó le bí òkúta, ojú kò lè mọ̀ pé ó ti yọ́ rí. Ohun tó wá burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé hísítámìnì tó ti wà níbẹ̀ kò ní jáde mọ́. Yìnyín kì í pa á. Òróró gbígbóná kì í pa á. Bí ẹ dín in títí tó fi gbẹ bí ìpékeré, ó wà níbẹ̀. Òórùn náà kò ṣeé gbára lé, torí pé ó lè ti pọ̀ kí ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àmì kan ṣoṣo tó máa ń wà nígbà mìíràn ni pé ó máa ń ta ni lẹ́nu bí ata, kódà níbi tí alásè kò ti fi ata sí i. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí a ti ń fi ata rodo bo ẹja mọ́lẹ̀, ta ló fẹ́ mọ ìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, kò le. Ife wáìnì pupa kan jẹ́ mílílítà 150. Ká ní hísítámìnì inú wáìnì náà jẹ́ mílígíráàmù márùn-ún nínú lítà. Èyí tó wọnú ènìyàn kò pé mílígíráàmù kan. Ìlànà àgbáyé lórí ẹja kò fẹ́ kó kọjá mílígíráàmù 200 nínú kílò kan. Èyí tó bá bàjẹ́ lè kọjá ìyẹn jìnnà. Ká tiẹ̀ mú 500. Ègé ẹja tó jẹ́ gíráàmù 100 á gbé mílígíráàmù 50 wọ inú. Ó ju ìlọ́po ọgọ́ta ohun tó wà nínú ife wáìnì yẹn lọ. Bíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mú hísítámìnì kankan tó nǹkan wá, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń fa ọwọ́ oníbodè sẹ́yìn. Ó sì ń gba ẹ̀bi.

Mo ní kí télọ̀ wa mu bíà rẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀ kan náà, iye kan náà, kó fi ẹ̀pà panu. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tó wá fẹ́ jẹ ẹja, mo ní kó jẹ àrọ̀. Ẹja àrọ̀ kò sí nínú ìdílé títùs nínú ọ̀rọ̀ yìí, yàtọ̀ sí pé èyí tí oníbàárà fọwọ́ tọ́ka sí nínú omi, tí wọ́n pa níṣojú rẹ̀, kò ráyè bàjẹ́. Owó rẹ̀ ló pọ̀ jù, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ka tèmi.

Nígbà náà ni ìyá ẹlẹ́ja kan nàró. Ó ní, “Bí fíríìsà mi bá yọ́ mọ́jú ńkọ́? Bí mo bá fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́?” Mo ní, “Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Èyí tó bá ṣì ní yìnyín nínú, tó tutù kinkin, ẹ yára sè é tàbí kí ẹ tà á lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ti rọ̀, tí ara rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí ohun tí iyọ̀ tàbí ọsàn lè ṣe fún un.” Inú rẹ̀ kò dùn, n kò sì bá a wí. Páálí títùs kan kì í ṣe owó kékeré. Ìmọ̀ràn tí ìyá mìíràn fún un dára ju tèmi lọ: kó máa pín in sínú ọ̀rá kéékèèké nígbà tó bá ṣì dì, kó máa to ike omi dídì yí wọn ká, kó má sì máa ṣí ìdérí nígbà tí iná bá lọ.

Ẹni tí ẹja bá ṣe báyìí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí wákàtí kan ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń lọ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan. Oògùn tó ń dènà hísítámìnì máa ń ràn án lọ́wọ́. Bí mímí bá ń nira fún un, tàbí tí ètè àti ahọ́n bá ń wú, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti òwúrọ̀. Ẹ̀fọ́rí tó bá jí ni lójú oorun, tí òùngbẹ ń gbẹ ni, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún ni lójú, ọtí fúnra rẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgò bíà ńlá kan, sẹ̀ǹtílítà 60 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ní bíi gíráàmù 24 ojúlówó ọtí nínú. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tú ju gíráàmù méje sí mẹ́wàá lọ láàárín wákàtí kan. Ẹni tó mu ìgò márùn-ún ní òde ìyàwó, aago méje àárọ̀ lè bá a tí ọtí kò tíì dá lójú rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kọ́ńjínà wá. Gbogbo ohun tó bá ọtí jáde, tí kì í ṣe ọtí gan-an, la ń pè bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà kì í ṣe ọtí kan ṣoṣo. Ó ń ṣe àwọn ọtí tó wúwo, ó ń ṣe asẹtalidíháìdì díẹ̀, ó ń ṣe àwọn ohun olóòórùn dídùn. Èèpo èso ń mú mẹ́tánọ́ọ̀lù wá. Àgbá igi tí wọ́n fi iná jó nínú ń fún wisikí ní àwọ̀ àti àwọn èròjà tirẹ̀. Àwọn ló ń jẹ́ kí ọtí kan yàtọ̀ sí èkejì lẹ́nu. Bí a bá yọ gbogbo wọn, fọ́díkà ló kù.

Ẹni tó bá ti dé ìdí ìkòkò ògógóró rí á mọ̀ pé èyí tó kọ́kọ́ kán máa ń ta imú, ó ń rùn bí ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná. Asẹtalidíháìdì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, torí pé ooru díẹ̀ ti tó láti lé wọn jáde. Ẹni tó mọṣẹ́ á dà á nù. Àárín ló dára. Èyí tó kẹ́yìn máa ń dà bí ẹni pé òróró wà nínú rẹ̀, àwọn ọtí wúwo ló wà níbẹ̀. Ẹni tí ojúkòkòrò bá mú, á da orí pọ̀ mọ́ ìdí, orí ẹni tó mu ún lọ́la ló sì máa sanwó rẹ̀.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, àwọn 95, ní ọtí lálẹ́ ọjọ́ kan: àwọn kan mu fọ́díkà, àwọn yòókù mu wisikí Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ bọ́bọ̀nù, títí ọtí inú wọn fi dọ́gba. Kọ́ńjínà inú bọ́bọ̀nù yẹn jẹ́ ìlọ́po 37 ti fọ́díkà. Lọ́jọ́ kejì, ara àwọn tó mu bọ́bọ̀nù burú ju ti àwọn tó mu fọ́díkà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ tó ń fẹ́ àfiyèsí dán wọn wò, bí ọtí méjèèjì ṣe bà wọ́n jẹ́ kò yàtọ̀. Ẹni tó mu fọ́díkà rò pé òun dá ṣáká, ọwọ́ rẹ̀ kò yá ju ti ẹnìkejì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin láàárọ̀ kùtù torí pé “funfun” lòun mu.

Àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí pẹ̀lú. Wisikí tó lo ọdún nínú àgbá ní kọ́ńjínà púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọtí olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ pé ṣúgà jíjó ni wọ́n fi pa á láró. Ó pọ́n, kò ní nǹkan kan nínú ju ti jíìnì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni funfun lè jẹ́ ògógóró tí wọn kò gé orí rẹ̀.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ gbẹ̀yìn nínú wọn. Ẹ́ńsáìmù kan náà tó ń tú ọtí ló ń tú u, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọtí jù ú lọ. Bí ọtí bá ṣì wà nínú ara, mẹ́tánọ́ọ̀lù á dúró sẹ́yìn. Tí ọtí bá tán ní ìdájí, ó wá kàn án, ó sì ń di fọmalidíháìdì, lẹ́yìn náà ásíìdì kan tó burú fún ojú. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn tó ń fi ọtí pa ọtí láàárọ̀ fi ń rí ìrọ̀rùn díẹ̀: wọ́n tún dá a dúró sẹ́yìn ni, kò lọ. Nínú bíráńdì gidi, ìwọ̀n rẹ̀ kéré, ẹ̀fọ́rí ló lè dá kún. Níbi tí ẹnìkan bá ti fi mẹ́tánọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ lú ọtí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí mọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù kẹrin ọdún 2015, bí ojú àwọn ènìyàn ṣe ń ṣókùnkùn tí wọ́n sì ń kú, tí a kọ́kọ́ rò pé nǹkan mìíràn ni. Imú kò lè yà á sọ́tọ̀, ahọ́n kò lè yà á sọ́tọ̀, iná tí àwọn kan ń tàn sí i láti wo àwọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Àmì tó yẹ kó lé yín dìde ni pé wákàtí méjìlá tàbí ọjọ́ kan lẹ́yìn ọtí, dípò kí ara máa rọ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàìbàì bí ẹni wà nínú ọyẹ́, inú ń run, èémí ń yá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ sì mú ìyókù ọtí náà dání. Wọ́n ní ohun tí wọ́n lè fi dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́, bí ojú kò bá tíì lọ tán.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá látọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ohun mímu lọ sóde. Ó ní àwọn kan ti ń gbé Piritín mì kí wọ́n tó mutí kí ojú má bàa gbóná, ṣé ó dára? Mo ní bí hísítámìnì bá lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà, ooru á dín kù lóòótọ́, kódà bí asẹtalidíháìdì bá jẹ́ orísun rẹ̀, torí pé òun náà máa ń mú kí ara tú hísítámìnì tirẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò kó asẹtalidíháìdì kankan kúrò. Ẹni tí ojú gbígbóná ì bá dá dúró ní ìgò kan á lọ sí mẹ́ta. Piritín pẹ̀lú ọtí á sì tún kun ènìyàn lóorun pa pọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n wá ṣe kí ni?” Mo ní kí ẹni tí wáìnì pupa bá ń ṣe mu nǹkan mìíràn, kó sì kọ́kọ́ jẹun. Ó ní àwọn oníbàárà òun kò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Mo ní mo mọ̀.